Ọ̀gánwó ni àbí iṣin? Bí a ṣe ń fi ewé, èso àti èèpo dá igi ẹ̀bá ọ̀nà mọ̀ nínú àwòrán

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ènìyàn ṣe lè mọ igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tó jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, tí kò láǹfààní láti fọwọ́ pa èèpo rẹ̀ tàbí láti já ewé rẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀. N kò ní to gbogbo igi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ níwájú yín. Ọ̀gánwó nìkan ni mo fẹ́ mú, nítorí pé ó wọ́pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní agbègbè Òkè-Ògùn, àti nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ títì láti ayé ìjọba Faransé kó lè máa ṣíji bo ọ̀nà. Ìdí kejì ni pé ó jọ igi mélòó kan tí a mọ̀ dáadáa, débi pé ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ láìfarabalẹ̀ lè pè é ní iṣin tàbí dóńgóyárò, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pátápátá.

Nínú ohun mẹ́ta tí àwòrán lè fi hàn wá, èèpo ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ yà, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú gbé wọn sí, tí kò sì gba pé kí wọ́n gbọ́rùn sókè. Lójú tèmi, èèpo ló yẹ kó kẹ́yìn. Bí ewé ṣe tò lára ẹ̀ka kì í sábà yí padà bí igi ṣe ń dàgbà, àwọn igi tí a lè pa tì nítorí rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Èso ló máa ń parí ẹjọ́ láàárín àwọn tó bá ṣẹ́kù. Èèpo ní tirẹ̀ ń yí padà láti ìgbà èwe igi títí di ìgbà ogbó rẹ̀, òjò ń yí i padà, eruku ọ̀nà ń bò ó, ọwọ́ ènìyàn sì ń bà á jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé. Kí a tó béèrè bóyá ewé igi kan ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí ní méjì-méjì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí à ń pè ní ewé kan. Ti máńgòrò kò le: igi ewé kan, abala kan. Ti ọ̀gánwó, ti iṣin, ti dóńgóyárò àti ti akòko kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò yọ lára ẹ̀ka, ọmọ ewé púpọ̀ yóò tò sí i lára lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ pátá yóò sì jẹ́ ewé kan péré. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rí ọmọ ewé ọ̀gánwó tó kọjú síra lórí ọ̀pá, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé igi náà ń yọ ní méjì-méjì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀pá ewé fúnra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ lára ẹ̀ka, tí èyí tó wà lápá ọ̀tún kò sì bá èyí tó wà lápá òsì pàdé lójú kan náà. Àkọsílẹ̀ yẹn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ akòko àti òrúrù, tí ọ̀pá ewé tiwọn máa ń kọjú síra ní tòótọ́, kò sì ní bá ọ̀gánwó pàdé mọ́ bó ti wù kó wá a tó.

Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ náà ni èéhù. Níbi tí ewé bá ti so mọ́ ẹ̀ka, ní igun tó kọjú sókè, èéhù kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ̀ka tuntun lè ti yọ. Kò sí irú rẹ̀ ní ìdí ọmọ ewé. Àmọ́ àwòrán tí a yà láti ilẹ̀ kì í sábà fi èéhù hàn, nítorí náà a ní láti wá àmì mìíràn. Ẹ wo ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀pá ewé ni, ìdí rẹ̀ níbi tó ti kan ẹ̀ka máa ń wú díẹ̀, yóò máa tín-ín-rín lọ sí òkè, gbogbo ọmọ ewé orí rẹ̀ yóò tẹ́ sójú kan náà, yóò sì dàbí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni a bí wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka ni, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti ń di ti igi, ojú àpá ibi tí ewé àtijọ́ ti já yóò wà lára rẹ̀, àwọn ewé rẹ̀ yóò yọ sí ọ̀nà púpọ̀, èyí tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ yóò sì kéré, yóò rọ̀, yóò tún mọ́ ju èyí tó wà ní ìdí lọ. Bí ẹ bá fẹ àwòrán lójú fóònù títí ẹ fi rí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní ṣóńṣó, ẹ ti rí òpin ẹ̀ka nìyẹn, ẹ sì lè máa ka ewé láti ibẹ̀ bọ̀ wálẹ̀.

Lára ọ̀gánwó, àwọn ọ̀pá ewé máa ń kó ara wọn jọ sí ìparí ẹ̀ka. Tí a bá wò ó láti ìsàlẹ̀, wọn yóò jọ ohun tó yí ẹ̀ka ká láti ojú kan ṣoṣo, bí ewé ahùn ṣe máa ń yí ẹ̀ka rẹ̀ ká. Wọn kò yí i ká. Àyè tó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì ló kéré, àwòrán tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ka yóò sì fi hàn pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bẹ àwọn tó ń ya àwòrán fún mi pé kí wọ́n wá ẹ̀ka tó bá rọ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fi ojú ọ̀run ṣe ẹ̀yìn ewé bí wọ́n bá lè yẹra fún un. Bí ojú ọ̀run bá wà lẹ́yìn, ewé á dúdú pátá, a kò ní mọ èyí tó wà níwájú yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n tẹ ojú ewé náà lórí fóònù, kí wọ́n sì fa ìmọ́lẹ̀ sókè kí wọ́n tó yà á.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ẹnì kan fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́ láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Òkèhò, ó ní iṣin ni òun rò pé igi náà jẹ́, ṣùgbọ́n pé àwọn ará àdúgbò ń jiyàn. Àwòrán kìíní fi gbogbo igi hàn láti òdìkejì ọ̀nà: orí rẹ̀ ṣú, ó rí roboto, ẹnìkan sì ti kun ìdí rẹ̀ ní ọ̀dà funfun dé ibi tí àyà ènìyàn dé. Àwòrán kejì jẹ́ ti èèpo. Ìkẹta jẹ́ ti ewé láti ìsàlẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ ti èso gbígbẹ kan lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Orí Wasáàpù ló ti fi wọ́n ránṣẹ́, àwòrán ewé náà kò sì mọ́ gaara mọ́, nítorí náà mo ní kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kó má jẹ́ kí wọ́n fún un pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọmọ ewé kò lè ṣe é lórí àwòrán tí wọ́n ti fún pọ̀.

Nígbà tí àwòrán tó mọ́ dé, irú ewé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ọ̀pá ewé pẹ̀lú ọmọ ewé ni. Ní apá òsì, tí ẹni tó yà á ti fi àmì pupa yí ká, ewé tó nípọn ló wà níbẹ̀, abala kan ṣoṣo lórí igi ewé kan, wọ́n ṣù pọ̀ sójú kan, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ sí ti ìyókù. Àfòmọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ewé igi náà rárá. Ẹ̀bá ọ̀nà kò ṣàìní igi tí àfòmọ́ ti gùn, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi tó gbà á lálejò bá wọ́wé tí òun sì ń tutù yọ̀yọ̀, àfòmọ́ yìí sì ni kámẹ́rà máa ń rí jù. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni pé kí a tọ ẹ̀ka rẹ̀ lọ títí dé ibi tó ti fara mọ́ ẹ̀ka igi, nítorí ojú ibẹ̀ máa ń wú bí kókó. Ẹ má gbàgbé pẹ̀lú pé ẹ̀ka igi mìíràn tó wà lẹ́yìn lè nà wọ inú àwòrán. Ewé tí a kò bá lè tọ̀ dé ara ìtì igi tí à ń wò, kí a má ṣe fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àwòrán náà ni mo wá dojú kọ. Lórí ọ̀pá ewé kan tó hàn gbangba, mo ka ọmọ ewé mẹ́jọ, mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan. Lórí òmíràn, mẹ́fà. Kò sí ọmọ ewé kankan tó dá dúró ní ìparí ọ̀pá. Àwọn méjì tó kẹ́yìn ló jọ parí rẹ̀. Etí ọmọ ewé náà tẹ́jú, kò ní eyín. Ọ̀rọ̀ dóńgóyárò parí síbí, nítorí pé etí ọmọ ewé tirẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn, ó sì tẹ̀ sápá kan bíi dòjé, tí apá kan ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ju èkejì lọ. Kásíà tí wọ́n máa ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà kọjá lọ, torí pé ọmọ ewé tirẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí lọ dáadáa lórí ọ̀pá kan, èso rẹ̀ sì gùn, ó rí pẹlẹbẹ.

Iṣin ló ṣẹ́kù. Ẹni tó fi àwòrán náà ránṣẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí pé ewé iṣin náà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ewé rẹ̀ náà máa ń jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, etí wọn náà tẹ́jú, àwọn méjì ló sì sábà máa ń parí ọ̀pá náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀n: lórí ọ̀pá ewé iṣin, àwọn ọmọ ewé ìsàlẹ̀ kéré, wọ́n sì ń tóbi sí i bí a ṣe ń lọ sí òkè, tó fi jẹ́ pé àwọn méjì tó kẹ́yìn ló máa ń tóbi jù. Nínú àwòrán wa, ti àárín àti ti ìparí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí jẹ́ kí ọkàn fà sí ọ̀gánwó, ṣùgbọ́n kò tó láti fi búra, nítorí pé ọmọ ewé tó sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi lójú ju èyí tó jìnnà sí i, bí ọ̀pá náà bá sì dorí kọ ẹni tó ń yàwòrán, ti ìparí ni yóò dàbí èyí tó tóbi jù lórí igi èyíkéyìí.

Èso ló yanjú rẹ̀. Èso iṣin pupa nígbà tó bá gbó, ó ní igun mẹ́ta, ó máa ń là sí mẹ́ta, kóró dúdú dídán rẹ̀ sì ń yọjú lórí ara funfun tí à ń jẹ. Èso ọ̀gánwó kò ní ara tí ènìyàn ń jẹ. Ó le bí igi, ó rí roboto, ó dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti eérú tó ń fà sí ti ilẹ̀. Bó bá gbẹ, orí rẹ̀ ni yóò ti là sí awẹ́, ṣùgbọ́n àwọn awẹ́ náà yóò ṣì wà papọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pá nínípọn kan tó ní igun yóò sì dúró láàárín wọn. Kóró inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní etí yíká, wọ́n sì to ara wọn lé orí ara wọn títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé wọn lọ. Irú èso yìí gan-an ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà nínú àwòrán kẹrin. Ọ̀gánwó ni igi náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀gánwó wo? Yorùbá ń pe ju ẹyọ kan lọ ní ọ̀gánwó, méjì nínú wọn sì lè bá ara wọn pàdé ní Òkè-Ògùn, nítorí pé ibẹ̀ ni igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Ẹ jẹ́ kí n pe àkọ́kọ́ ní ọ̀gánwó ọ̀dàn, kí n pe èkejì ní ọ̀gánwó ẹ̀gbẹ́ igbó. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ orúkọ wọn sínú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Khaya senegalensis ni ti àkọ́kọ́, Khaya grandifoliola sì ni ti èkejì. Iye ọmọ ewé kò lè pín wọn níyà, torí pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan wà lára àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹ̀gbẹ́ igbó máa ń tóbi jù. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni awẹ́ èso. Ti ọ̀dàn sábà máa ń là sí awẹ́ mẹ́rin, ìbú èso rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6. Ti ẹ̀gbẹ́ igbó sábà máa ń là sí awẹ́ márùn-ún, ó sì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10. Mo sọ pé "sábà" nítorí pé èso aláwẹ́ márùn-ún máa ń jáde lára ti ọ̀dàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, aláwẹ́ mẹ́rin náà sì lè jáde lára èkejì. Èso kan ṣoṣo kò tó.

Àwòrán kẹrin kò lè dá wa lóhùn lórí èyí, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti yà á. Awẹ́ méjì ló hàn ní odindi, etí ìkẹta sì yọ díẹ̀. Ó rọrùn fún ènìyàn láti rò pé bí méjì bá wà níwájú, méjì ni yóò wà lẹ́yìn. Ìṣirò tó ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Mo ní kí ẹni náà padà lọ sábẹ́ igi, kó ṣa èso tó ti là bíi márùn-ún, kó tò wọ́n sílẹ̀ kí ojú wọn kọjú sókè, kó sì yà wọ́n láti òkè gan-an. Kó ṣa wọn ní ìdí igi náà, kó má ṣe lọ mú èyí tó ti yí lọ sínú gọ́tà, nítorí pé ọ̀gánwó mìíràn lè wà lókè ọ̀nà. Mo tún ní kó gbé bírò tí a dé ní ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí bàtà ènìyàn kò ní ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n bírò tí gbogbo wa ń rà gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15 pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Bírò náà gbọ́dọ̀ ga dé ìdajì èso, kì í ṣe pé kó sùn sílẹ̀ kí èso máa ga jù ú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èso tó sún mọ́ kámẹ́rà yóò tóbi ju bó ti yẹ lọ. Ó fi òkúta pẹlẹbẹ kan gbé bírò náà sókè.

Nínú àwòrán tuntun náà, èso mẹ́ta là sí awẹ́ mẹ́rin láìsí iyèméjì. Ìkẹrin là sí márùn-ún. Ìkarùn-ún dàbí aláwẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ ti gun ún, awẹ́ kan ti fọ́ dànù. Ohun tó gbà wá níbẹ̀ ni ọ̀pá àárín tí mo mẹ́nu kàn: iye igun rẹ̀ máa ń bá iye awẹ́ mu, igun mẹ́rin sì ni tirẹ̀. Ìbú àwọn èso náà, tí a bá fi bírò wọ̀n wọ́n, wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Awẹ́ mẹ́rin lára èso mẹ́rin nínú márùn-ún, àti ìwọ̀n tó kéré: ti ọ̀dàn ni mo kọ.

Ìgbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo àwòrán kejì, èyí tó jẹ́ ti èèpo. Èèpo ọ̀gánwó tó ti dàgbà jẹ́ ti ìpẹ́ tín-ín-rín kéékèèké, tó máa ń ṣí kúrò tí ojú ibi tó ti ṣí á sì jẹ́ kòtò fẹ́lẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Dóńgóyárò tó gbó kì í ní ìpẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà jíjìn ló máa ń là á lára láti òkè wá sísàlẹ̀. Nínú àwòrán yìí, kò sí ìpẹ́, kò sí ìlà: ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ara kan tó dán, tó ti wú ní etí. Bí a bá ti fi èèpo bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yóò ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá mọ ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èèpo ọ̀gánwó wà nínú àgbo ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá nílò rẹ̀ sì máa ń dá àdá lé igi ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, èyí tó tún jẹ́ ibi tí kámẹ́rà máa ń dojú kọ. Ohun tí a rí jẹ́ ojú ọgbẹ́ tó ń jinná. Èèpo tuntun tó ń bo ọgbẹ́ kì í rí bí èèpo àtilẹ̀wá.

Mo ní kó ya òkè ojú ọgbẹ́ náà, lókè ọ̀dà funfun, ní ibi tí àdá kò dé. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó yà á, tí oòrùn bá ń tàn wá láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí etí ìpẹ́ ní òjìji. Kó má ṣe yà á lẹ́yìn òjò, torí èèpo tó bá tutù á ṣú kan náà láti òkè délẹ̀. Ìpẹ́ náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun kan tún wà nínú àwòrán èèpo àkọ́kọ́ tí kò yẹ kí n fò: ní etí ọgbẹ́ kan tó jẹ́ tuntun, inú èèpo náà pupa rúsúrúsú. Ara ọ̀gánwó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú, ti ọgbẹ́ àtijọ́ sì máa ń di dúdú. Ẹ má ṣe gé igi kí ẹ tó lè rí i o. Àwọn tó ń gé e ti pọ̀ tó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwòrán mọ. Bí igi náà bá jẹ́ ọmọdé tí kò tíì so, tàbí tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ nítorí wáyà iná tàbí fún oúnjẹ màlúù, ewé tó bá hù láti ojú ibi tí wọ́n gé máa ń tóbi, ó sì lè yàtọ̀ sí ti igi àgbà. Nírú ipò bẹ́ẹ̀, ọ̀gánwó lásán ni kí ẹ kọ, kí ẹ má fi ti ọ̀dàn tàbí ti ẹ̀gbẹ́ igbó kún un. Bí ó bá pọn dandan kí a mọ èyí tó jẹ́, ẹ gé ẹ̀ka kékeré kan tó ní ewé, èéhù àti èso bó bá wà, ẹ tẹ́ ewé náà sáàárín ìwé ìròyìn kí apá kan rẹ̀ dojú délẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, ẹ fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́, ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti gé e àti ọjọ́ rẹ̀ sára ìwé kékeré kan, kí ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ ní Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà, ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti lè fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ka àwọn ọ̀gánwó tí a ti mọ̀.